Bí ẹ ṣe lè gba èlé àti ìnáwó ẹjọ́ lẹ́yìn ìdájọ́ gbèsè

Ọkùnrin kan gbé ìwé ìdájọ́ rẹ̀ sórí tábìlì wa lọ́jọ́ kan, ó ní kí n bá òun ṣírò gbogbo ohun tí òun máa gbà. Ó ti bá ẹni tó jẹ ẹ́ lówó ṣẹjọ́ fún odidi ọdún méjì, ó sì jàre. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ojú owó tí wọ́n jẹ ẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Kò sí èlé ọdún méjì yẹn, kò sì sí ìnáwó ẹjọ́. Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ béèrè èlé nínú ìwé ìpẹ̀jọ́ yín?" Ó ní òun ṣe bí adájọ́ á ti mọ̀ fúnra rẹ̀ ni.

Adájọ́ kì í fún èèyàn ní ohun tí kò béèrè. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń ba owó àwọn tó jàre jẹ́ jù. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni màá sì fi ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mi ò ní dárúkọ owó ilẹ̀ kankan, torí ìṣirò náà kò yí padà, owó yòówù kí ẹ máa ná.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ajigbèsè kan ra ọjà àwìn lọ́wọ́ olówó, iye rẹ̀ jẹ́ 730,000. Ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 2021 ló yẹ kó san án. Kò san án. Olówó pè é lẹ́jọ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, adájọ́ sì dá olówó láre ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 2023. Iye èlé jẹ́ ìdá 10 nínú 100 lọ́dún, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ irú èlé tí ẹ ń béèrè

Èlé mẹ́ta ló wà, wọn kì í sì í ṣe ọ̀kan náà. Àkọ́kọ́ ni èlé tí àdéhùn yín fúnra rẹ̀ sọ. Bí ẹ bá ti kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ẹni tó bá pẹ́ kó tó san máa fi iye báyìí lé e, ẹ̀tọ́ yín nìyẹn, ẹ kàn fi ìwé náà hàn ni. Ìkejì ni èlé tí adájọ́ lè fún yín láti ọjọ́ tí gbèsè pé títí di ọjọ́ ìdájọ́, nígbà tí àdéhùn kò sọ nǹkan kan. Ọwọ́ adájọ́ ni ìyẹn wà, ó lè fún yín ní gbogbo rẹ̀, ó lè dín in kù bó bá rí i pé ẹ̀yin lẹ fi ẹjọ́ náà falẹ̀. Ìkẹta ni èlé tó ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ìdájọ́ títí wọ́n á fi san tán. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, òfin ló fi ìkẹta yìí lélẹ̀, bí ẹ kò tilẹ̀ béèrè rẹ̀.

Iye rẹ̀ máa ń yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1838 lórí ìdájọ́ ni wọ́n ṣì ń lò, iye náà sì ti wà ní ìdá 8 nínú 100 láti ọdún 1993. Èlé lásán ni, kì í bímọ. Ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, iye náà kì í dúró sójú kan: èrè tí ìwé gbèsè ìjọba olọ́dún kan mú wá lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ìdájọ́ ni wọ́n ń lò, èlé náà sì ń bímọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ béèrè ti ilé ẹjọ́ yín lọ́dọ̀ akọ̀wé kóòtù kí ẹ tó ṣírò ohunkóhun. Ẹni tó bá fi èlé tó ń bímọ ṣírò níbi tí òfin kò ti gbà á, wọ́n á dá ìwé rẹ̀ padà fún un.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìpẹ̀jọ́, tọjọ́tọjọ́

Kí ẹ kàn kọ "pẹ̀lú èlé" sí ìsàlẹ̀ ìwé kò tó. Ohun márùn-ún ló yẹ kí adájọ́ rí níbẹ̀: ibi tí ẹ̀tọ́ èlé náà ti wá (àdéhùn tàbí òfin), iye rẹ̀ lọ́dún, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, iye tó ti pé lọ́jọ́ tí ẹ pẹjọ́, àti iye tó ń pọ̀ sí i lójúmọ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun ló wúlò jù. Bí iye ojúmọ́ bá ti wà níbẹ̀, adájọ́ kò ní ṣe wàhálà kankan lọ́jọ́ ìdájọ́. Á ka iye ọjọ́, á sì sọ ọ́ di púpọ̀.

Bí a ṣe ń rí i nìyí. Ìdá 10 nínú 100 ti 730,000 jẹ́ 73,000 lọ́dún. Ẹ pín in sí 365, ẹ máa rí 200 lójúmọ́. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹta sí ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án jẹ́ ọjọ́ 184, èlé tó ti pé lọ́jọ́ ìpẹ̀jọ́ sì jẹ́ 36,800. Ohun tí olówó máa kọ ni pé: "Èlé láti ọjọ́ 1 oṣù kẹta 2021 di òní jẹ́ 36,800, á sì máa fi 200 lé e lójoojúmọ́ títí di ọjọ́ ìdájọ́ tàbí ọjọ́ tí wọ́n bá san án ṣáájú ìgbà náà."

Ojúlé méjì ni àṣìṣe máa ń gbà wọlé síbí. Ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni àkọ́kọ́. Ọjọ́ tí ẹ kó ọjà lé wọn lọ́wọ́ kọ́ ni èlé ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n san ni. Bí ẹ bá fún wọn ní ọgbọ̀n ọjọ́, ọjọ́ tó tẹ̀ lé ọgbọ̀n náà lẹ máa kà. Bí kò bá sí ọjọ́ kankan nínú àdéhùn, lẹ́tà tí ẹ fi béèrè owó yín, tí ọjọ́ sì wà lórí rẹ̀, ló sábà máa ń dúró fún un. Ẹ má ṣe sọ lẹ́tà yẹn nù o! Ìkejì ni kíka ọjọ́ lóṣùlóṣù, bí ẹni pé oṣù kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́. Oṣù mẹ́fà tí mo kà lókè yìí ì bá di ọjọ́ 180, owó ọjọ́ mẹ́rin ì bá sì ti sọnù. Ẹ lo kàlẹ́ńdà. Ẹ ka ọjọ́ kan nínú méjèèjì tó wà ní ìpẹ̀kun, ẹ má ka méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ka ìwé ìdájọ́ kí ẹ tó kúrò ní kóòtù

Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹta 2021 sí ọjọ́ 1 oṣù kẹta 2023 jẹ́ ọjọ́ 730. Kò sí ọjọ́ 29 oṣù kejì láàárín wọn. Ká ní ó wà níbẹ̀ ni, ọjọ́ 731 là bá kà. Ìgbà 730 lọ́nà 200 jẹ́ 146,000. Ẹ fi kún 730,000, ìdájọ́ di 876,000.

Ohun tó ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé, lọ́pọ̀ ibi, gbogbo 876,000 yìí ni èlé tuntun máa jókòó lé lórí láti ọjọ́ náà lọ, torí ìdájọ́ ti sọ ojú owó àti èlé àtijọ́ di gbèsè kan ṣoṣo. Ìdá 10 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ 87,600 lọ́dún, ìyẹn 240 lójúmọ́. Àwọn kóòtù kan wà tó jẹ́ pé ojú owó nìkan ni wọ́n ń gba èlé lé. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ìwé ìdájọ́ sọ ọ́ gbangba: iye wo ni èlé máa gun, ìdá mélòó, láti ọjọ́ wo. Bí kò bá sí níbẹ̀, lọ́jọ́ náà gan-an ni kí lọ́yà yín dìde kó béèrè. Bí ẹ bá jẹ́ kó di oṣù kẹfà, ìwé ẹ̀bẹ̀ tuntun ni, owó tuntun sì ni.

Ọkùnrin tí mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, èlé ẹ̀yìn ìdájọ́ nìkan la rí gbà fún un, torí òfin ló fún un. Ti ọdún méjì tó ṣáájú ti bá omi lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: nígbà tí owó bá ń wọlé díẹ̀díẹ̀

Ajigbèsè kì í sábà san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ó mú 300,000 wá ní ọjọ́ 9 oṣù kẹfà 2023, ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lẹ́yìn ìdájọ́. Kí lowó náà ń pa rẹ́?

Ìlànà tó wọ́pọ̀ ni pé bí ẹni tó san án kò bá yà á sọ́tọ̀, èlé ni owó náà kọ́kọ́ ń pa, kó tó kan ojú owó. Èlé ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lọ́nà 240 jẹ́ 24,000. Owó tó kù nínú 300,000 jẹ́ 276,000, òun ni ẹ máa yọ kúrò nínú 876,000. Ó ku 600,000. Láti ọjọ́ yẹn, èlé ojúmọ́ ti sọ̀ kalẹ̀, ìdá 10 nínú 100 ti 600,000 ni, ìyẹn 60,000 lọ́dún.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ, ọjọ́ 73 lẹ́yìn náà, ajigbèsè tún dé. Ó gbé 576,000 lọ́wọ́, ó ní òun wá parí rẹ̀. Bó ṣe ṣírò nìyẹn: 876,000, yọ 300,000 kúrò. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 73 jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún ọdún, èlé tó tún ti wọlé jẹ́ 12,000, gbèsè ọjọ́ náà sì jẹ́ 612,000. Ó fi 36,000 dín.

Ibí yìí ni mo ti rí i tí olówó fọwọ́ ara rẹ̀ ba tirẹ̀ jẹ́. Inú rẹ̀ dùn pé owó dé, ó fa risíìtì yọ, ó kọ "mo ti gba gbogbo gbèsè mi" sí i, ó buwọ́ lù ú. Ó wá di àríyànjiyàn tuntun bóyá ó dárí 36,000 jì í tàbí kò dárí rẹ̀ jì. Ohun tó yẹ kó kọ ni: "Mo gba 576,000 lórí gbèsè ìdájọ́, ó ku 36,000." Ẹ gba owó, ẹ má ṣe kọ gbólóhùn tó ń ti ilẹ̀kùn.

Mo máa ń ní kí àwọn tó bá wá bá wa ya ìlà márùn-ún sínú ìwé kan: ọjọ́, owó tó wọlé, èlé tó ti pé, èyí tó pa nínú ojú owó, àti èyí tó kù. Bí ẹ bá tún padà sí kóòtù láti lọ gba ìwé àṣẹ tí wọ́n á fi gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù tàbí owó ajigbèsè ní báńkì, ìwé yìí ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìnáwó ẹjọ́

Ìnáwó ẹjọ́ yàtọ̀ sí èlé. Èlé ń sanwó ìdúró yín. Ìnáwó ẹjọ́ ń dá ohun tí ẹ ná lórí ẹjọ́ padà, irú bí owó kóòtù, owó ẹni tó fi ìwé jíṣẹ́, owó ọkọ̀ ẹlẹ́rìí, owó onímọ̀ tó wá jẹ́rìí àti owó lọ́yà.

Owó lọ́yà ni gbogbo ìjà wà lé lórí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti lọ́pọ̀ ilẹ̀ tó jogún òfin wọn, ẹni tó jẹ̀bi ló sábà ń san ìnáwó ẹni tó jàre, owó lọ́yà sì lè wà nínú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, oníkálukú ló ń san owó lọ́yà tirẹ̀, àfi bí òfin kan tàbí àdéhùn yín bá sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ìnáwó kéékèèké bíi owó kóòtù ni ẹni tó jẹ̀bi ń san. Àwọn ẹjọ́ owó kékeré ní ìlànà tiwọn, tí owó lọ́yà kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó gba lọ́yà olówó ńlá nítorí gbèsè kékeré, ẹ béèrè èyí tí wọ́n máa dá padà fún yín.

Níbi tí wọ́n bá tilẹ̀ ti ń san án, wọn kì í sábà san gbogbo rẹ̀. Ohun tó bá bọ́gbọ́n mu, tó sì bá ìwọ̀n ẹjọ́ náà mu ni wọ́n ń gbà wọlé. Níbi tí iyèméjì bá sì wà, ẹni tó máa sanwó ni wọ́n ń ṣàánú. Bí ìwà ẹni tó jẹ̀bi bá burú jáì, bí ó bá parọ́ tàbí tó kàn ń fẹjọ́ falẹ̀, adájọ́ lè yí ìwọ̀n padà kí iyèméjì di ti ẹni tó máa gbà. Ẹ kò sì lè gbà ju iye tí ẹ̀yin fúnra yín jẹ lọ́yà yín. Ẹ̀san kọ́ ni, owó ìdápadà ni.

Ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n gé ìnáwó ni bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Mo ti rí ìwé ìnáwó tó kọ ìlà kan péré: "Iṣẹ́ lórí ẹjọ́, wákàtí 14." Wọ́n gé e sí ìdajì, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ. Èyí tó máa dúró ni èyí tó sọ ọjọ́, ẹni tó ṣe é, ohun tó ṣe, àti bó ṣe pẹ́ tó: "Ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá, agbẹjọ́rò àgbà, ó ka ìwé ìdáhùn olùjẹ́jọ́ ojú ewé 31, wákàtí kan àtààbọ̀." Ẹ so risíìtì kọ̀ọ̀kan mọ́ ìlà tirẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìnáwó náà ń jẹ èlé láti ọjọ́ tí adájọ́ ti pàṣẹ pé kí wọ́n san án, bí wọn kò tilẹ̀ tíì mọ iye rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ọ̀rọ̀ iye falẹ̀, èlé ló ń fi bọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìwé àbá ìlàjà, tó lè yí gbogbo rẹ̀ padà

Ẹni tó jàre lè san ìnáwó ẹni tó jẹ̀bi. Ó máa ń dà bí àwàdà létí ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ìwé àbá ló ń fa á.

Nínú ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Apá 36, ẹnì kan nínú àwọn méjèèjì lè kọ̀wé pé òun máa gba iye báyìí tàbí òun máa san iye báyìí, kó sì fi ó kéré tán ọjọ́ 21 sílẹ̀ fún èkejì láti fèsì. Wọn kò gbọ́dọ̀ fi han adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ títí yóò fi dá a tán. Bí ajigbèsè bá dá àbá tó dára tó ìdájọ́ tàbí tó jù ú lọ, tí olówó sì kọ̀ ọ́, olówó ló sábà máa ń san ìnáwó ajigbèsè láti ọjọ́ tí ọjọ́ 21 yẹn pé. Bó bá jẹ́ pé olówó ló dá àbá, tí ajigbèsè kọ̀ ọ́, tí ìdájọ́ sì tó o tàbí jù ú lọ, èlé lè ròkè gan-an, ìnáwó á sì wọlé lórí ìwọ̀n tó ṣàánú olówó. Kóòtù ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ní irú rẹ̀ nínú Òfin 68 ti ìlànà ẹjọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ nìkan ló lè lò ó níbẹ̀.

Ẹ padà sí àpẹẹrẹ wa. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta 2022, ajigbèsè kọ̀wé pé òun máa san 820,000, èlé ti wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ 21 pé ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta. Olówó kọ̀ ọ́. Nígbà tí ìdájọ́ 876,000 jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó fò sókè pé òun fi 56,000 ju àbá lọ.

Kò jù ú lọ. Èlé ọdún tó kẹ́yìn wà nínú 876,000, àbá náà kò sì lè mọ èlé tí kò tíì dé. Ọjọ́ tí àbá pé ni kí ẹ fi wọn wéra. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹta 2021 sí ọjọ́ 22 oṣù kẹta 2022 jẹ́ ọjọ́ 386. Lọ́nà 200, èlé jẹ́ 77,200. Ohun tí ẹjọ́ olówó tó lọ́jọ́ náà ni 807,200. Wọ́n fi 820,000 lọ̀ ọ́, ó sì kọ̀ ọ́. Ajigbèsè ló borí nínú ọ̀rọ̀ ìnáwó.

Ẹ wo bó ṣe dun ún tó. Ká sọ pé olówó ti ná 60,000 títí di ọjọ́ tí àbá pé, ó tún ná 90,000 lẹ́yìn rẹ̀, ajigbèsè sì ná 110,000 lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ká tún sọ pé kóòtù gba gbogbo rẹ̀ wọlé, kí ìṣirò má bàa dí. Bí olówó bá ti gba àbá, 820,000 ni ì bá mú lọ, pẹ̀lú 60,000 tó ná, nínú oṣù kẹrin 2022. Nísinsìnyí, ó gba 876,000, wọ́n dá 60,000 padà fún un, ó san 110,000 fún ajigbèsè, 90,000 tirẹ̀ sì ti lọ. Ohun tó kù fún un jẹ́ 676,000 lórí gbèsè 730,000, lẹ́yìn ọdún kan sí i.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ìwé àbá bá dé, ẹ kọ ọjọ́ tó dé sí i lára. Ẹ ṣírò èlé yín títí di ọjọ́ tí àbá náà máa pé, ẹ kọ iye náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn. Ẹ wò ó bóyá ó sọ pé èlé wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí, àti ohun tó sọ nípa ìnáwó. Bí kò bá yé yín, ìlànà Apá 36 fún yín ní ọjọ́ méje láti kọ̀wé kí wọ́n ṣàlàyé ara wọn. Ẹ kọ lẹ́tà ọjọ́ méje yẹn kí ẹ tó fèsì bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.